Kọnjuntífò èdè Ítálì: "I think", "I doubt" àti "I wish" nínú lẹ́tà sí olùkọ́ ọmọ

Àbẹ̀kẹ́_Bréṣíà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Obìnrin kan ládùúgbò wa ní Bréṣíà fi Gẹ̀ẹ́sì kọ lẹ́tà sí olùkọ́ ọmọ rẹ̀, ó wá ní kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Ítálì. Mo ti túmọ̀ rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ojú ẹlòmíràn kàn án kí ó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìyí:

"I hope you are well. I think my son lost his book on the bus. I thought the meeting would be on Friday, that is why I did not come. I doubt whether he understands the homework. I wish you would explain it to him again. I think I can come on Monday."

Èmi kọ ọ́ báyìí:

"Spero che Lei sta bene. Penso che mio figlio ha perso il libro sull'autobus. Pensavo che la riunione sarebbe venerdì, per questo non sono venuta. Dubito se capisce i compiti. Vorrei che Lei glieli spieghi di nuovo. Penso che posso venire lunedì."

Kọnjuntífò ló ń kọ mí lóminú, ìyẹn ìrísí tí ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń gbé wọ̀ tí a bá ń sọ èrò, iyèméjì tàbí ìfẹ́ ọkàn. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀, àmọ́ mi ò dá ibi tó yẹ kó gbà wọlé mọ̀. Níbi iṣẹ́ mi, àwọn ọmọ Ítálì fúnra wọn máa ń sọ "penso che è", kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn wí. Ṣé mo lè fi lẹ́tà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Bọ̀dé_Róòmù

Àbẹ̀kẹ́, má da ara ẹ láàmú. Yorùbá ẹ ni kó o fi wọ̀n ọ́n. Ibi tí Yorùbá bá ti lo "kí", kọnjuntífò ni. Ibi tó bá ti lo "pé", indikatífò ni, ìyẹn ìrísí tí a fi ń sọ ohun tó dájú. "Mo fẹ́ kí o wá" ni *voglio che tu venga*. "Mo mọ̀ pé o wá" ni *so che sei venuto*. Wò ó, ó bára mu.

Nínú lẹ́tà ẹ, gbólóhùn karùn-ún nìkan ló ní "kí", torí náà òun nìkan ni wàá tún ṣe. Àwọn yòókù dáa. Mo ti pẹ́ ní Róòmù, bí gbogbo wọn ṣe ń sọ ọ́ níbí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Pádófà

Bọ̀dé, ìlàjì ọ̀rọ̀ yẹn dára púpọ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn tí mò ń kọ́. Ní ti ìfẹ́ ọkàn, Yorùbá àti èdè Ítálì ń rìn pa pọ̀ títí dé ibi tí èèyàn ò rò. Ẹ wò ó: "mo fẹ́ lọ", kò sí "kí" níbẹ̀, torí èmi tó fẹ́ náà ni mo máa lọ. "Mo fẹ́ kí o lọ", "kí" ti dé, torí ẹlòmíì ni yóò lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni *voglio andare* àti *voglio che tu vada*. Ọmọ Yorùbá kì í ṣì í, ó ti wà lára ẹ̀.

Ibi tí òfin "kí" ti já yín kulẹ̀ ni èrò àti iyèméjì. Yorùbá máa ń sọ "mo mọ̀ pé" àti "mo rò pé" bákan náà, "pé" kan ṣoṣo ló ń jẹ́ fún méjèèjì. Èdè Ítálì ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀, mo fi ẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀: *so che è malato*. Ohun tí mo rò, orí mi nìkan ló wà, mi ò tíì gbé e kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni pé òótọ́ ni: *penso che sia malato*. Torí náà *penso, credo, mi sembra, spero, temo, dubito, non sono sicura*, kọnjuntífò ni gbogbo wọn ń béèrè nígbà tí ẹni tó ń rò kì í bá ṣe ẹni tí à ń rò nípa ẹ̀. *So, vedo, è vero, sono sicura*, indikatífò ni tiwọn.

Àbẹ̀kẹ́, ní báyìí padà sórí lẹ́tà ẹ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ di *Spero che Lei stia bene*. Ìkejì di *Penso che mio figlio abbia perso il libro*. Wò ó dáadáa: ìwé ti sọnù ná kí ìyá tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, ìdí nìyẹn tá a fi lo *abbia perso*, a ò lo *perda*. Tó bá jẹ́ pé ọmọ náà ń pàdánù ìwé lójoojúmọ́ ni, *perda* ìbá tọ̀nà.

Gbólóhùn ìkẹyìn yàtọ̀. "I think I can come": èmi ni mo rò, èmi náà ni mo máa wá. Má ṣe lo *che* níbẹ̀ rárá. *Penso di poter venire lunedì*. Níbí ni Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti jọ ń ṣì wá lọ́nà, torí pé a máa ń sọ "mo rò pé mo lè wá", a sì ń fẹ́ gbé "pé mo" yẹn wọ inú èdè Ítálì. *Penso che posso* ni mo máa ń kọ́kọ́ rí nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ wa, kódà lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣi *sia* lò.

Kẹ́mi_B1

Ẹ ṣeun mà. Èmi ń múra ìdánwò èdè Ítálì ti ìpele B1 sílẹ̀ nítorí ìwé ọmọ onílùú. Ṣé kọnjuntífò yìí máa jáde nínú ìdánwò náà? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kò sí níbẹ̀, pé kí n má fàkókò ṣòfò lórí ẹ̀.

Bàbá Adínní

Ọmọ mi Kẹ́mi, lẹ́tà ni Àbẹ̀kẹ́ ń béèrè nípa ẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo máa dá ọ lóhùn. Látìgbà òfin 2018 ni wọ́n ti ń béèrè B1 lọ́wọ́ ẹni tó bá ń tọrọ ìwé ọmọ onílùú. Ìdánwò ti yunifásítì Síẹ́nà ń jẹ́ CILS, ti Perúgíà ń jẹ́ CELI, ti ẹgbẹ́ Dante Alighieri ń jẹ́ PLIDA, Roma Tre náà sì ní tirẹ̀. Èyí tó o bá fẹ́ ṣe nínú wọn, lọ wá ìdánwò àpẹẹrẹ tí àwọn fúnra wọn gbé jáde, kó o ṣe é látòkèdélẹ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀rẹ́ lo máa gbà á. Tó o bá mọ *spero che tu stia bene* àti *penso di venire* lò, o ò kọ́ asán, torí lẹ́tà kékeré wà lára ohun tí wọ́n máa ń ní kéèyàn kọ.

Àbẹ̀kẹ́_Bréṣíà

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an mà. Ọ̀rọ̀ *penso di* yẹn ti yé mi. Ó ku *pensavo* àti *vorrei*. Ní ti *pensavo*, ṣebí "would be" ni Gẹ̀ẹ́sì wí, *sarebbe* sì ni "would be". Kí ló wá burú níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì Pádófà

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ìtumọ̀ "would be" ni *sarebbe* lóòótọ́ nínú gbólóhùn bíi "it would be nice", *sarebbe bello*. Ṣùgbọ́n "would" tó wà nínú "I thought the meeting would be on Friday" kì í ṣe irú ìyẹn. Ọjọ́ iwájú ni, tí a dúró sí àtẹ̀yìnwá wò. Lọ́jọ́ tí ìyá náà ń rò ó, ìpàdé ò tíì wáyé. Ọ̀nà tí èdè Ítálì ń gbà sọ irú ọjọ́ iwájú bẹ́ẹ̀ ni kondisionále ẹlẹ́yọ méjì: *Pensavo che la riunione sarebbe stata venerdì*. *Sarebbe* nìkan kì í dúró níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé nǹkan náà padà ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀. Bákan náà ni "he said he would come": *ha detto che sarebbe venuto*. Wọn kì í sọ pé *verrebbe*.

Tó bá jẹ́ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ lákòókò tí mo ń rò ó ni, kọnjuntífò àtijọ́ là ń lò: *pensavo che mio figlio fosse a scuola*, mo rò pé ọmọ mi wà níléèwé nígbà yẹn. Tó bá sì jẹ́ ohun tó ti kọjá kí n tó rò ó: *pensavo che avesse già mangiato*, mo rò pé ó ti jẹun ná. Ìbéèrè kan ni kó o máa bi ara ẹ: lọ́jọ́ tí mo ń rò ó, ṣé nǹkan náà ti kọjá, àbí ó ń lọ lọ́wọ́, àbí ó ń bọ̀? Ìdáhùn ẹ ló máa sọ fún ẹ bóyá *avesse mangiato* ni, tàbí *fosse*, tàbí *sarebbe stata*.

*Vorrei* nìkan ló tún ní ìwà tirẹ̀. "I wish you would explain": ọ̀la ni olùkọ́ máa ṣàlàyé rẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn *vorrei che*, èdè Ítálì ń padà sí kọnjuntífò àtijọ́: *Vorrei che Lei glieli spiegasse di nuovo*. *Vorrei che spieghi* ò tọ̀nà. *Vorrei che spiegherebbe*, tí "would" Gẹ̀ẹ́sì máa ń tì wá sí, burú jù ú lọ. *Voglio che Lei glieli spieghi* tọ̀nà ní ti gírámà, ṣùgbọ́n àṣẹ ni, kò yẹ kí òbí kọ ọ́ sí olùkọ́.

Ṣọ́ra fún fáwẹ̀lì ìparí o: *spiegassi* ni fún *io* àti *tu*, *spiegasse* ni fún *lui* àti *Lei*. Fún *stare* àti *dare*, *stesse* àti *desse* ni. *Stasse* àti *dasse* máa ń já bọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ onílẹ̀ pàápàá, àmọ́ olùkọ́ máa fi pẹ́nì pupa fa ìlà sí i.

Bọ̀dé_Róòmù

Ìyá Ìbejì, mo gbà fún yín ní ti *penso di*, mo sì gbà pé òfin mi ò dé ibi "mo rò pé". Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká purọ́ fún Àbẹ̀kẹ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ *penso che è* ní Róòmù, lẹ́nu àwọn tó kàwé gan-an. Tí ìyá ọmọ bá lọ kọ *abbia perso*, tó sì jẹ́ pé kò lè sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, ṣé olùkọ́ ò ní mọ̀ pé ẹlòmíì ló bá a kọ ọ́?

Ìyá Ìbejì Pádófà

Kò sẹ́ni tó ń purọ́, Bọ̀dé. Lẹ́nu, ní gúúsù àti ní Róòmù pàápàá, indikatífò wọ́pọ̀ lẹ́yìn *penso che* àti *credo che*. Àmọ́ lẹ́tà sí iléèwé ni èyí, orí ìwé ni, olùkọ́ ló sì máa kà á. Tí olùkọ́ bá mọ̀ pé wọ́n bá a túmọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ìyá náà sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé kó túmọ̀ rẹ̀, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó fi kọ ọ́ gún régé, ohun tó tọ́ sí i ni èdè Ítálì tó gún régé.

Bàbá Adínní

Mo fẹ́ dá sí èyí díẹ̀, torí iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni, kọnjuntífò. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó ti ẹni tó ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀, tó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tútù bí àwọn ará ọjà ṣe ń sọ ọ́, èmi ò ní fi ọ̀rọ̀ ńlá inú ìwé bíi *qualora* àti *ritenessi* wọ̀ ọ́ láṣọ. Ohùn rẹ̀ ni àwọn tó ń gbẹ́jọ́ fẹ́ gbọ́. Síbẹ̀, ibì kan wà tí mi ò fi í ṣeré, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó mọ̀ àti ohun tó rò. Bó bá ní "I think he had a knife", tí mo wá túmọ̀ rẹ̀ sí *aveva un coltello* tí mo yọ *penso* kúrò, mo ti sọ èrò di ẹ̀rí. *Penso che avesse un coltello* ni. Àwọn kan lára ẹgbẹ́ mi ní *penso che aveva* sún mọ́ ohùn ẹni tí kò kàwé jù. A jà sí i títí mo fi fẹ̀yìn tì, a ò tíì parí ẹ̀.

Dúpẹ́_Tọ́rínò

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀. Èmi kì í dán kọnjuntífò wò rárá, *secondo me*, ìyẹn "lójú tèmi", ni mò ń lò: *Secondo me mio figlio ha perso il libro*. Indikatífò ni, ó tọ̀nà, ó tán.

Àmọ́ mo ní ìṣòro tèmi. Àbúrò mi fi ohùn ránṣẹ́ sí wa ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábẹ́ fídíò fún àwọn àna rẹ̀ tó jẹ́ ará Ítálì. Ó ní "I wish my mother were here". Màmá wa ti kú. Ó tún ní "I wish I had told her about him". Mo kọ *Vorrei che mia madre era qui*. Ọkọ mi ní kò tọ̀nà, àmọ́ kò lè sọ ìdí.

Ìyá Ìbejì Pádófà

Dúpẹ́, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìyá o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

*Vorrei che mia madre fosse qui* ni. *Era* ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, màmá yín ò sì sí níbẹ̀. Yorùbá ní "ì bá" fún irú ọ̀rọ̀ yìí, "màmá mi ì bá wà níhìn-ín". Níbi tí "ì bá" bá ti bọ́ sẹ́nu yín, *fosse* ni kí ẹ máa wá. *Magari mia madre fosse qui* náà dára, ó tilẹ̀ ń gbé ìrora ọ̀rọ̀ náà jáde ju *vorrei* lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni.

Gbólóhùn kejì, ẹ̀rín àti omijé ló wà nínú ẹ̀. "I wish I had told her": àbúrò yín ló fẹ́, àbúrò yín náà ló yẹ kó sọ ọ́, torí náà a ò nílò *che*: *Avrei voluto parlarle di lui*. Tí ẹ bá fẹ́ kí ó jáde bí igbe, *Magari le avessi parlato di lui!* *Vorrei che le avessi parlato* kò dára, torí ẹni tó bá kà á máa rò pé ẹlòmíì ló yẹ kó bá ìyá yín sọ̀rọ̀, *tu*.

Ní ti *secondo me*, ó tọ̀nà, kò sì sí ohun tó burú nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè bá yín ṣe iṣẹ́ *dubito*, kò sì lè ṣe ti *vorrei*. Tí ó bá sì kún inú lẹ́tà kan, ẹni tó kọ ọ́ máa dà bí ẹni tó ń jiyàn.

Tólú_atúmọ̀

Ìbéèrè kékeré. "I think you should call me first" ńkọ́? Ṣé *penso che Lei debba chiamarmi prima*? Èmi rò pé lẹ́yìn *penso che*, kọnjuntífò ni dandan.

Bàbá Adínní

Rárá, Tólú. *Debba* túmọ̀ sí pé dandan ni kó pè ọ́. "Should" rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, *Penso che Lei dovrebbe chiamarmi prima*. Kondisionále lè dúró lẹ́yìn *penso che* tí ọ̀rọ̀ náà bá ti jẹ́ kondisionále kó tó di pé *penso* wọlé. Yọ *penso che* kúrò wò: *Lei dovrebbe chiamarmi*. Ó dúró fúnra rẹ̀. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ọjọ́ iwájú: *penso che verrà domani*, wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n ń sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí. *Penso che venga domani* náà wà. Èwo ló dáa jù? Mo fẹ́ràn *verrà* nígbà tí ọjọ́ náà bá jìnnà, àwọn ẹlòmíì ò gbà.

Àbẹ̀kẹ́_Bréṣíà

Mo ti tún un kọ. Ẹ bá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i:

"Spero che Lei stia bene. Penso che mio figlio abbia perso il libro sull'autobus. Pensavo che la riunione sarebbe stata venerdì, per questo non sono venuta. Dubito che capisca i compiti. Vorrei che Lei glieli spiegasse di nuovo. Penso di poter venire lunedì."

Ìyá Ìbejì Pádófà

Ó kù díẹ̀, ohun tó kù sì lè dá ìjà sílẹ̀. *Dubito che capisca i compiti*. Ta ni kò lóye iṣẹ́ àṣetiléwá? Nínú kọnjuntífò, *capisca* kan náà ni fún *io*, *tu*, *lui* àti *Lei*. O ti ń pe olùkọ́ ní *Lei* látòkè lẹ́tà. Tí kò bá sí orúkọ níbẹ̀, ó lè kà á bí ẹni pé ìyá ń sọ pé olùkọ́ gan-an ni iṣẹ́ náà ò yé. Gẹ̀ẹ́sì ní "he", ìwọ yọ ọ́ kúrò torí wọ́n sọ fún wa pé èdè Ítálì kì í lo *lui*. Pẹ̀lú indikatífò, òótọ́ ni, *capisco, capisci, capisce* ń fi ara wọn hàn. Pẹ̀lú kọnjuntífò, fi olùwà síbẹ̀ nígbàkigbà tí iyèméjì bá lè wọlé. *Dubito che mio figlio capisca i compiti*. Ìdí nìyẹn náà tí mo fi jẹ́ kí *tu* wà nínú *voglio che tu vada*.

*Dubito* sì le díẹ̀. Ìyá tó ń bẹ olùkọ́ kì í sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò. Èmi máa kọ *Non sono sicura che mio figlio capisca i compiti*. Kọnjuntífò ṣì ni, torí *non sono sicura*.

Bọ̀dé_Róòmù

*Fosse venerdì* ńkọ́? Ní tèmi, *pensavo che la riunione fosse venerdì* ni mo máa kọ. Ọjọ́ ìpàdé ti wà nínú ìwé ìfitónilétí tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń retí.

Ìyá Ìbejì Pádófà

Bọ̀dé, o sọ òótọ́ níbẹ̀. Tí ìyá náà bá ní lọ́kàn pé Jímọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé ìfitónilétí, *fosse* bá a mu dáadáa. "Would be" tó kọ ni mo tẹ̀ lé. Àbẹ̀kẹ́, béèrè lọ́wọ́ ẹ̀: ṣé Jímọ̀ lo rí nínú ìwé, àbí Jímọ̀ lo rò pé wọ́n máa fi í sí?

Àbẹ̀kẹ́_Bréṣíà

Mo pè é. Ó ní òun rí i nínú ìwé, àmọ́ ìwé ti ọdún tó kọjá ni òun ń wò. *Fosse* ni mo fi síbẹ̀, mo sì ti yí *dubito* padà sí *non sono sicura che mio figlio capisca*. Lẹ́tà náà ti lọ. Ẹ ṣé o, Bọ̀dé, ìwọ náà ṣé.